Mọ́mì ń lọ Hiúsítìn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò fẹnu kò lórí aago tí wọ́n máa balẹ̀

Ọmọ Òkè-Àjẹ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó dìjà. Mọ́mì wa tó ń ta aṣọ l'Ókè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí fẹ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wẹ ọmọ tuntun ní Hiúsítìn. Ẹni tó bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ò tíì fi pépà ránṣẹ́, fọ́ìsì nóòtì ló fi sọ ọ́, ó ní bàálù máa gbéra l'Ékòó ní aago 11 alẹ́ Sátidé 28 Máàṣì 2026, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ló máa fi dé Lọ́ńdọ̀n, wọ́n á wá wọ òmíràn níbẹ̀ ní aago 10 àárọ̀ Sọ́ńdè, ìyẹn á gba wákàtí mẹ́wàá àbọ̀ dé Hiúsítìn. Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn, kò sọ aago tí wọ́n máa balẹ̀ níbì kankan, a sì ń pè é láti àná, kò gbé e.

Mo bá jókòó, mo ṣírò ẹ̀. Aago 11 alẹ́, ká fi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lé e, 5:30 àárọ̀ nìyẹn, Lọ́ńdọ̀n wà lẹ́yìn wa pẹ̀lú wákàtí kan, ó di 4:30. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, pé 5:30 ni, pé aago Èkó àti ti Lọ́ńdọ̀n ọ̀kan náà ni, kò sígbà tí kì í rí bẹ́ẹ̀. Èmi sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ torí àná ni mo pe ọ̀rẹ́ mi kan ní Lọ́ńdọ̀n, aago 8 ti lù lọ́dọ̀ wa, ó ní 7 ṣì ni lọ́dọ̀ tòun.

Ẹsẹ̀ máa ń dun mọ́mì tí wọ́n bá jókòó pẹ́, ìdí tí mo fi fẹ́ mọ iye wákàtí tí wọ́n máa lò ní Lọ́ńdọ̀n nìyẹn. Ta ló gbà á nínú àwa méjèèjì?

Gàrí Yíyan

Bọ̀dá, ẹ dúró de tíkẹ́ẹ̀tì yẹn jàre. Gbogbo aago tí wọ́n bá kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí bàálù wà lásìkò yẹn ni, ti gbígbéra, aago ìlú tó ti gbéra, ti bíbalẹ̀, aago ìlú tó balẹ̀ sí. Kò sí ìṣírò kankan nínú ẹ̀ mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì bá sì dé, ẹ má tún lọ yọ wákàtí kankan kúrò lára ẹ̀ o. Àbúrò mi kan ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àlejò máa balẹ̀ ní Dùbáì ní aago 11 alẹ́, ó tún fi wákàtí mẹ́ta lé e, ó dé ẹ́ápọ́ọ̀tì ní aago méjì òru, ọmọ ọlọ́mọ ti sùn sórí báàgì.

Dẹ̀rẹ́bà Ṣágámù

Tó bá jẹ́ aago 11 alẹ́ ni bàálù, ẹ má kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde kọjá aago méjì ọ̀sán o. Ojú ọ̀nà láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣágámù Íńtáchéńjì ò ní wàhálà lọ títí, láti ibẹ̀ bọ́ sí ẹspirẹ́ẹ̀sì lọ sí Bẹ́gà ni iṣẹ́ wà, Sátidé làwọn olóde àríyá máa ń padà sílé. Wọ́n á sì fẹ́ kí màmá ti wà níbẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Ẹ lè gba Ẹ̀pẹ́ tó bá jẹ́ apá Lẹ́kí lẹ fẹ́ já sí, àmọ́ Ìkẹjà lẹ ń lọ, ẹ gba tòkè.

Ọmọ Òkè-Àjẹ

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ ìyẹn sílẹ̀. Aago tí wọ́n máa balẹ̀ lọ́hùn-ún ni mò ń bi yín.

Bàbá Ìpẹ̀rù

Ọmọ mi, mo ta tíkẹ́ẹ̀tì n'Íjẹ̀bú-Òde fún ọdún mọ́kàndínlógún kí n tó padà wá sí Ìpẹ̀rù wá máa sin adìẹ, ọ̀rọ̀ yín yìí pa mí lẹ́rìn-ín torí mo ti rí i rí, ọ̀sẹ̀ kan náà gan-an. Ẹ̀gbọ́n ẹ gba ìdáhùn, kò mọ ìdí ẹ̀. Ìwọ mọ ìdí, o ò gba ìdáhùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀n máa ń sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan ní Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn nínú Máàṣì, wọ́n á sì fà á padà ní Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn nínú Òkítóbà. Lọ́dún yìí, Sọ́ńdè 29 Máàṣì ni. Tó bá ti di aago kan òru ọjọ́ yẹn, ó di aago méjì lójijì. Àwa ní Nàìjíríà kì í sún tiwa. Ìdí ẹ̀ ni pé nígbà òtútù wọn, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn, nígbà ooru wọn a dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n ẹ jọ pé ìgbà ooru ló máa ń gba Lọ́ńdọ̀n kọjá.

Wá wo màmá ẹ báyìí. Wọ́n gbéra l'Ékòó ní aago 11 alẹ́ Sátidé, Lọ́ńdọ̀n ṣì wà lẹ́yìn wa, ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ sọ fún ẹ lórí fóònù, òótọ́ ni. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, tí bàálù bá wà lókè aṣálẹ̀ Sàhárà tí gbogbo èèyàn ń sùn, aago Lọ́ńdọ̀n fò. Ìgbà tí wọ́n máa fi balẹ̀, a ti dọ́gba. Ìyàtọ̀ tó wà ní ìgbà tí bàálù ń BALẸ̀ la máa ń lò fún ìlú tó ń lọ, kì í ṣe èyí tó wà ní ọjọ́ tí o pe ọ̀rẹ́ ẹ, kì í tiẹ̀ ṣe èyí tó wà nígbà tí wọ́n ń gbéra.

Bí àwa ṣe máa ń ṣe é ní ọ́fíìsì ni pé a kì í fo tààrà láti aago ìlú kan sí ìkejì. A máa kọ́kọ́ gbé e lọ sí UTC, aago tí àwọn awakọ̀ bàálù ń pè ní Súlù, tí kì í yí padà lọ́jọ́ kan. Nàìjíríà, UTC+1 lọ́jọ́ gbogbo. Yọ ọ̀kan yẹn kúrò, fi wákàtí ìrìn lé e, kó o tó wá bi ara ẹ pé ìlú tí mò ń lọ, kí ni tiwọn ní déètì yẹn. Lọ́ńdọ̀n ní àárọ̀ 29 Máàṣì, UTC+1. LOS ni ẹ́ápọ́ọ̀tì Èkó, LHR ni ti Lọ́ńdọ̀n:

```
LOS  23:00 - 1:00 = 22:00 UTC (28 Mar)
     22:00 + 6:30 = 28:30 = 04:30 UTC (29 Mar)
LHR  04:30 + 1:00 = 05:30
```

28:30 yẹn, ó ti kọjá 24, yọ 24 kúrò kó o sì ṣí ọjọ́ sí ọ̀la. Ìyẹn ni `+1` kékeré tí wọ́n máa ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago lára tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe owó tí wọ́n fi kún un gẹ́gẹ́ bí kọ́sítómà mi kan ṣe bá mi jà lé e lórí lọ́jọ́ kan.

Màmá máa balẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n ní 5:30, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n máa lò níbẹ̀, kì í ṣe márùn-ún àbọ̀.

Ọmọ Òkè-Àjẹ

Bàbá, ẹ ṣeun. Orí mi wú. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé òun ti ṣì í, tí kò bá mọ̀ pé wọ́n ń sún aago lọ́jọ́ yẹn rárá? Mi ò bá ti lọ sùn pẹ̀lú 4:30 mi ni.

Bàbá Ìpẹ̀rù

O máa kà á lẹ́ẹ̀mejì láti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àkọ́kọ́, ka gbogbo wákàtí ara: bàálù kìíní, ìjókòó Lọ́ńdọ̀n, bàálù kejì. Ìkejì, wo aago Èkó tí wọ́n gbéra àti aago Hiúsítìn tí wọ́n balẹ̀, kó o fi ìyàtọ̀ ìlú méjèèjì lé e. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Ká ṣe ti bàálù kejì ná. Aago 10 àárọ̀ Lọ́ńdọ̀n ní Sọ́ńdè yẹn, aago 9 UTC ni. Fi mẹ́wàá àbọ̀ lé e, 19:30 UTC. Hiúsítìn ti sún tiwọn láti 8 Máàṣì, UTC-5 ni wọ́n wà, 19:30 yọ 5, 14:30. Aago méjì àbọ̀ ọ̀sán Sọ́ńdè.

Wàyí o, láti 11 alẹ́ Sátidé dé 2:30 ọ̀sán Sọ́ńdè, ojú aago nìkan, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbọ̀. Láàárín Èkó àti Hiúsítìn wákàtí mẹ́fà ló wà lásìkò yìí. Méjèèjì pa pọ̀, 21½. Ka tara báyìí: 6½, ìjókòó 4½, 10½. Ó jẹ́ 21½, ó bára mu. Tó bá jẹ́ 4:30 tìẹ ni, ìjókòó á di 5½, gbogbo ẹ̀ á di 22½, wákàtí kan máa ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ tí o ò ní rí ibi fi í sí. Tí ìyẹn bá ti ṣẹlẹ̀, mọ̀ pé aago kan ti sún níbì kan.

Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀n

Ẹ̀yin bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ ẹ ṣì í níbì kan. Mò ń gbé Lọ́ńdọ̀n fún ọdún méje, àǹtí mi wà ní Hiúsítìn, ojoojúmọ́ là ń sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń tẹ èyí báyìí aago mẹ́jọ alẹ́ ló ń lù níbí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n tán ni, aago mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn. Wákàtí márùn-ún. 10 àárọ̀ àti mẹ́wàá àbọ̀ jẹ́ 8:30 alẹ́, yọ márùn-ún, 3:30 ọ̀sán. Màmá máa balẹ̀ ní 3:30. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wọn má tètè lọ san owó páàkìnnì lásán.

Bàbá Ìpẹ̀rù

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, màá sì bọ̀wọ̀ fún fóònù ẹ. Àmọ́ òótọ́ ẹ máa parí lálẹ́ Sátidé. Amẹ́ríkà ń sún tiwọn ní Sọ́ńdè kejì nínú Máàṣì, ẹ̀yin ní Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn. Lọ́dún yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣáájú yín. Kó tó di 8 Máàṣì, mẹ́fà ló wà láàárín yín. Láti 8 títí wọ 29, márùn-ún. Láti àárọ̀ 29, ó tún di mẹ́fà. Tí o bá pe àǹtí ẹ ní aago mẹ́jọ alẹ́ Sọ́ńdè yẹn, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n máa sọ fún ẹ.

Ìdí tí mo fi ń sọ pé ká má há ìyàtọ̀ ìlú méjì sórí nìyẹn. Èèyàn máa há a, á sì máa ṣe déédéé fún oṣù púpọ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yìí ló máa wá kó o sí wàhálà.

Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀n

Ẹ jẹ́ n lọ wo kàlẹ́ńdà.

Ó dáa. Mo gbà fún yín. Mo ti fi 3:30 ránṣẹ́ sí ẹnìkan tẹ́lẹ̀ fún irú ọjọ́ yẹn náà, ẹ jẹ́ n lọ bẹ̀ ẹ́ 😩

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ń da ara yín láàmú lórí ohun tí a kọ́ ní jọ́gíráfì fọ́ọ̀mù mẹ́ta. Ayé jẹ́ dìgírì 360, ó ń yí i po ní wákàtí 24, dìgírì 15 ni wákàtí kan. Èkó wà ní bíi dìgírì 3 ìlà oòrùn, Hiúsítìn ní bíi 95 ìwọ̀ oòrùn. 3 àti 95 jẹ́ 98. Ẹ fi 15 pín in, wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n. Mẹ́fà àbọ̀ ló wà láàárín Èkó àti Hiúsítìn. Ibo lẹ ti rí mẹ́fà géérégé?

Bàbá Ìpẹ̀rù

Tíṣà, mo kí yín. Ìṣírò yín yẹn, oòrùn ló ni ín, kò sì ṣì í. Àmọ́ oòrùn kọ́ ló ń tẹ aago sórí tíkẹ́ẹ̀tì, ìjọba ni. Nàìjíríà gba aago ìlà dìgírì 15, ìlà yẹn sì jìnnà sí wa gan-an, ìdí tí oòrùn kì í fi wà ní àtàrí ní aago 12 lọ́dọ̀ wa nìyẹn, ó máa ń tó bíi 12:45. Tí ẹ bá wo Hiúsítìn, nígbà òtútù wọn wákàtí méje ló wà láàárín wa, nígbà ooru mẹ́fà. Mẹ́fà àbọ̀ yín wà láàárín méjèèjì, kò sì sí ọjọ́ kan nínú ọdún tí aago máa sọ ọ́.

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ ń sọ pé aago wa ní Ìkẹ́nnẹ́ ń purọ́ pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Màá gbé ọ̀pá kan nàró sí ẹ̀hìnkùlé mi lọ́la, màá sì wo òjìji ẹ̀.

Ìyá Wálé Ìlíṣàn

Ẹ jẹ́ n sọ tiwa, ó lè bá yín lò. Bàbá Wálé fẹ́ lọ Jẹ́dà lọ́dún kan, wọ́n kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì pé 12:10 AM Fúráìdè. A jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán lọ́sàn-án Fúráìdè, a di ẹrù, àwọn ẹbí wá sìn wá, a dé Ìkẹjà ní aago mẹ́jọ alẹ́ Fúráìdè pẹ̀lú ayọ̀. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo wa, ó ní "bàbá, bàálù yín ti lọ láti òru àná". 12:10 òru Fúráìdè, Tọ́sìdeè lálẹ́ ló yẹ ká ti wà níbẹ̀! Owó táa san lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mi ò ní sọ. Láti ìgbà yẹn tí ẹnikẹ́ni bá ti sọ aago méjìlá òru fún mi, mo máa bi í pé òru tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ni àbí òru tó tẹ̀lé e. Ẹ kọ ọ́ ní 00:10, ẹ máa ríi pé ọjọ́ tuntun ni.

Ohun kan tún wà tó dà mí láàmú. Nígbà tí bàbá Wálé lọ níkẹyìn, wọ́n ní awakọ̀ bàálù sọ iye wákàtí tí wọ́n máa lò lókè, ó sì kéré sí ti tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n rò pé àwọn máa tètè dé, kò rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìpẹ̀rù

Wákàtí tí wọ́n fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, láti ìgbà tí bàálù bá ti ṣí kúrò ní ẹnu géètì títí tó fi máa dúró ní géètì ìlú kejì ni, gbogbo ìlà tí wọ́n máa tò lórí ilẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ti awakọ̀, òfuurufú nìkan ló ń sọ. Ti tíkẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ fi ṣírò. Ẹni tó bá fi ti awakọ̀ ṣírò máa rí i pé òun ti tètè dé ju bàálù lọ.

Ọmọ Òkè-Àjẹ

Tíkẹ́ẹ̀tì ti dé o! 05:30 `+1`, 14:30. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní "ṣé mi ò sọ fún ẹ", ń ṣe ni mo gbé fóònù sílẹ̀.

Mo wá gbìyànjú ti ìpadàbọ̀ fúnra mi kí n tó wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n máa kúrò ní Hiúsítìn Sátidé 12 Sẹ̀tẹ́ḿbà ní 7:20 alẹ́, wákàtí mẹ́sàn-án àti ogún ìṣẹ́jú dé Lọ́ńdọ̀n. Hiúsítìn UTC-5, mo fi márùn-ún lé 19:20, 24:20, ìyẹn 00:20 UTC. Mo fi 9:20 lé e, 09:40. Lọ́ńdọ̀n UTC+1, 10:40 àárọ̀ Sátidé. Bàálù Èkó máa gbéra ní 10:30 alẹ́, wákàtí mẹ́fà àbọ̀, àwa àti Lọ́ńdọ̀n dọ́gba, aago márùn-ún àárọ̀ Sọ́ńdè ni wọ́n máa wọlé.

Ìyá Wálé Ìlíṣàn

Ọmọ mi, o ti ṣe tèmi! 00:20 yẹn, Sọ́ńdè ti dé nígbà yẹn. Báwo ni màmá ṣe máa kúrò ní Hiúsítìn lálẹ́ Sátidé, kí wọ́n dé Lọ́ńdọ̀n láàárọ̀ Sátidé kan náà?

Bàbá Ìpẹ̀rù

Màmá Wálé ti dáhùn, mi ò ní nǹkan kan láti fi kún un. Aago ẹ dáa, ọjọ́ lo gbàgbé láti ṣí. 10:40 àárọ̀ Sọ́ńdè ni Lọ́ńdọ̀n, aago márùn-ún àárọ̀ Mọ́ńdè 14 ni Èkó. Máa kọ ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ní gbogbo ìlà, kódà tí kò bá yí padà. Nígbà tí èèyàn bá ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ wá sápá ìlà oòrùn níbí, alẹ́ ló máa ń gbé e mì, tó bá jẹ́ pé ojú aago ẹ fi hàn pé o dé kí o tó gbéra, ọjọ́ lo ti sọnù.

Ọmọ Òkè-Àjẹ

Hàhàhà, mi ò bá lọ jókòó sí Ìkẹjà láti àárọ̀ Sọ́ńdè. Ẹ ṣeun màmá.

Mọ́mì ní àwọn ò gbọ́ gbogbo èyí o. Wọ́n ní aago ọwọ́ àwọn ò ní kúrò lórí ti Ìjẹ̀bú-Òde, pé tó bá ti lu mẹ́jọ àárọ̀, àwọn máa pe ọmọ tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n mọ̀ bóyá ó ti ṣí i. Mo sọ fún wọn pé aago méjì òru nìyẹn máa jẹ́ ní Hiúsítìn. Wọ́n ní ṣebí ọmọ tuntun ò ní jẹ́ kí àwọn sùn tẹ́lẹ̀.

Dẹ̀rẹ́bà Ṣágámù

Aago márùn-ún àárọ̀ Mọ́ńdè? Ẹ má dúró di àárọ̀ o, tẹ́ ẹ bá kúrò n'Íjẹ̀bú-Òde ní aago mẹ́rin, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó máa pàdé yín ní Bẹ́gà. Alẹ́ Sọ́ńdè ni kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀. Èmi náà lè gbé yín, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀.